Lítà Omi Kan Lẹ́nu Òṣùwọ̀n Òjò

Oríṣi òjò méjì ló máa ń rọ̀ ní Satellite Town. Èkíní ni èyí tó ń ṣẹ́ wínníwínní láti ìdájí títí di ọ̀sán, tí aṣọ tí a sá kò ní gbẹ, ṣùgbọ́n tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti jáde. Èkejì ni èyí tó ń ya lulẹ̀ lójijì ní oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹwàá. Kò lè ju ogún ìṣẹ́jú tàbí ọgbọ̀n lọ, gọ́tà á ti kún, omi á ti gorí títì, àwọn tó ń lọ sí ọ̀nà Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá á sì máa wá ibi tí wọ́n máa fẹsẹ̀ lé. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó sì lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sà, omi kì í tètè ríbi gbà. Ẹni tó bá gbé ibùdó ìwòye ojú ọjọ́ kékeré kalẹ̀ sí àgbàlá rẹ̀ ní àdúgbò yìí, òjò kejì yẹn gan-an ló fẹ́ mọ iye rẹ̀. Òun náà sì ni òṣùwọ̀n òjò onífe méjì máa ń kà dín. Omi tí a mọ iye rẹ̀ la fi ń mọ bó ṣe ń kà á dín tó, ṣùgbọ́n bí a ṣe yára rọ omi náà tó ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀.

Ohun tó wà nínú òṣùwọ̀n náà kò le. Àrọ kan wà lókè tí òjò ń rọ̀ sí. Lábẹ́ ihò àrọ náà, ife kékeré méjì wà tí wọ́n so pọ̀ sórí ọ̀pá irin kan, tí wọ́n ń lọ sókè sódò bí jángílófà àwọn ọmọdé. Èyí tó bá wà lókè ni omi ń bọ́ sí. Nígbà tó bá kún dé ìwọ̀n kan, á tẹ̀ sílẹ̀, á da omi inú rẹ̀ nù, èkejì á sì gòkè wá gba ipò rẹ̀. Òòfà kékeré kan wà lára wọn tó ń kọjá níwájú súwíìsì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yí. A ó gbọ́ kọ́, kọ̀ǹpútà kékeré ibùdó náà á sì kọ ìró kan sílẹ̀. Irú ẹ̀rọ báyìí ti pẹ́ láyé. Christopher Wren, ará Ìlú Ọba, ti ṣe ọ̀kan láàárín ọdún 1660 sí 1670. Láti ìgbà náà títí di òní, ẹ̀rọ náà kì í wọn omi rárá. Ìró ló ń kà. Àwa la sọ fún un pé ìró kọ̀ọ̀kan dúró fún òjò tó jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára páálí tí wọ́n fi dì í wá. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, páálí kò lè jẹ́rìí sí i.

Kí a tó rọ omi kankan, ó yẹ kí a ti mọ iye ìró tí a ń retí, ẹnu àrọ ló sì máa sọ fún wa. A ó mú rúlà, a ó wọn ìbú ẹnu àrọ láti etí inú sí etí inú, ní igun méjì tàbí mẹ́ta, torí ike tí oòrùn Èkó ti pa lè má rí róbótó mọ́. Ká mú òṣùwọ̀n tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 20. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 10. Bí a bá sọ 10 di ìlọ́po 10, tí a tún fi 3.1416 sọ ọ́ di púpọ̀, fífẹ̀ ẹnu náà á jẹ́ sẹ̀ntímítà níbùú-lóòró 314.16. Òjò mìlímítà kan lórí ẹnu tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ omi mìlílítà 31.4. Ìdá méjì nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ mìlílítà 6.28. Nítorí náà, ife kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yí nígbà tí omi inú rẹ̀ bá pé 6.28, lítà omi kan sì gbọ́dọ̀ fún wa ní ìró 159.

Àwọn òṣùwọ̀n olówó pọ́ọ́kú kéré ju èyí lọ, ẹnu ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ onígun mẹ́rin. Bí ẹnu ọ̀kan nínú wọn bá gùn ní sẹ̀ntímítà 11, tó sì fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 5, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 55, òjò mìlímítà kan lórí rẹ̀ kò sì ju omi mìlílítà 5.5 lọ. Ìṣirò kan náà ni. Iye ló yàtọ̀.

Omi wá ńkọ́? Píọ̀ wọ́tà wà lọ́wọ́ gbogbo wa, wọ́n sì kọ sẹ̀ntílítà 50 sára rẹ̀. Omi inú rẹ̀ dára fún iṣẹ́ yìí, ó dára ju omi bọ́họ̀ lọ níbi tí omi bọ́họ̀ bá ti ń pọ́n, torí ìdọ̀tí pupa yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ inú ife. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sára ọ̀rá kì í ṣe ohun tí a lè fi dán òṣùwọ̀n wò. Ìlà tó wà lára jọ́ọ̀gì ilé ìdáná náà kò ṣeé gbára lé tó bẹ́ẹ̀. Síkéèlì ni kí a lò, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe kéèkì fi ń wọn ìyẹ̀fun, tó ń fi gíráàmù kọ̀ọ̀kan hàn. Mìlílítà omi kan wúwo tó gíráàmù kan, tàbí kí ó fi díẹ̀ dín nínú ooru wa yìí, ìyàtọ̀ náà kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. A ó gbé ìgò omi sórí síkéèlì kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó sì tún gbé e lé e nígbà tí a bá parí. Ohun tó dín nínú rẹ̀ ni omi tó wọ inú òṣùwọ̀n, láìka èyí tó ṣẹ́ kù sísàlẹ̀ ìgò tí ojú lè fò mọ́ ọn.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ tó lítà kan. Síríǹjì onímìlílítà 50 wà ní kẹ́mísìtì, ṣé kò lè tó ni? Kò lè tó. Mìlílítà 50 nínú òṣùwọ̀n tí a mú ṣe àpẹẹrẹ yìí kò ju ìró mẹ́jọ lọ. Nígbà tí omi bá tán, ife kan lè wà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tí kò sì tíì yí. A kò mọ̀ bóyá ìró méje ni ká pè é ni àbí mẹ́jọ. Ìró kan nínú mẹ́jọ ju ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ ìdá márùn-ún ni a ń wá. Ìró kan nínú 159 kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Omi púpọ̀ ló ń jẹ́ kí iyèméjì ìparí yẹn kéré.

Síríǹjì wúlò fún nǹkan mìíràn, ìyẹn láti wo ife méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó fi kán omi díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀kan títí yóò fi yí, a ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà a ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá yí ní mìlílítà 5.8 tí èkejì kò yí àfi ní 6.9, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká fura sí ni pé òṣùwọ̀n náà kò dúró gbọọrọ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ gbé ohun tí àwọn bíríkìlà fi ń mọ ilẹ̀ tó tẹ́jú lé e kí a tó rọ omi rárá, kí a gbé e lé e lóròó àti níbùú. Ọ̀pá tí a rì mọ́ ilẹ̀ rírọ̀ Satellite Town lè dúró dáadáa ní oṣù Kejì kó sì ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tó bá fi máa di oṣù Keje.

Ó kan bí omi náà ṣe máa wọlé. A kò gbọ́dọ̀ kàn da lítà kan sínú àrọ. Ohun tó rọrùn jù lọ láti fi darí omi ni okùn dírípù tí wọ́n fi ń fún aláìsàn lómi, tuntun, láti kẹ́mísìtì. Ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan lára tí a fi lè fún un tàbí kí a tú u sílẹ̀. A ó so ìgò omi kọ́ sókè, bíi mítà kan sókè ẹnu okùn. Gíga yẹn ní ìdí. Bí omi inú ìgò ṣe ń dínkù, agbára tó ń tì í jáde náà ń dínkù. Bí ojú omi bá lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ntímítà mẹ́wàá nígbà tí gbogbo gíga rẹ̀ kò ju ogún lọ, ìdajì agbára ti lọ. Bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló lọ. A sì gbọ́dọ̀ fi ihò sílẹ̀ fún atẹ́gùn lókè ìgò náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á dúró lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òjò jẹ́jẹ́, ìyẹn mìlímítà 20 ní wákàtí kan. Lórí ẹnu àrọ wa, ìyẹn jẹ́ omi mìlílítà 628 ní wákàtí, tàbí mẹ́wàá àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. A ó jẹ́ kí okùn náà kán sínú ife lórí síkéèlì fún ìṣẹ́jú kan, a ó máa yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí yóò fi fún wa ní gíráàmù mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Lẹ́yìn èyí, a ó rọ omi díẹ̀ gba inú àrọ kí gbogbo ara rẹ̀ lè tutù, torí ara gbígbẹ máa ń di omi mú, a ó sì jẹ́ kí àwọn ife yí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tí ọ̀kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí, ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lítà kan á gba nǹkan bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a fi etí ka ogún ìró, kí a sì wò bóyá ogún náà ni kọ̀ǹpútà kọ. Bí ó bá kọ mẹ́tàlélógún, súwíìsì ló ń gbọ̀n, tó ń ka ìró kan ní méjì. Nínú kọ̀ǹpútà la ti ń tún ìyẹn ṣe, nípa sísọ fún un pé kó má ka ìró kankan tó bá tẹ̀lé èkíní kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Kódà nínú òjò tó le jù lọ, ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan ló máa ń wà láàárín ìró méjì tòótọ́.

Ká sọ pé ìró 152 ni a kà. Lítà kan pín sí ọ̀nà 152 jẹ́ 6.58. Ife náà ń gba omi ju bó ṣe yẹ lọ kó tó yí, òjò tí ibùdó yìí ti ń kọ sílẹ̀ sì ti ń dín ní ìdá mẹ́rin ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Lábẹ́ ife kọ̀ọ̀kan, síkúrù kan wà tí ife náà ń fìdí lé nígbà tó bá wà nílẹ̀. Bí a bá gbé síkúrù náà sókè, ife tó wà nílẹ̀ kò ní lè lọ sílẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, èkejì tó wà lókè kò sì ní lè ga tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ti sún mọ́ ibi tí yóò ti yí, omi díẹ̀ á sì tì í. Nítorí náà, síkúrù apá òsì ló ń tún ife apá ọ̀tún ṣe. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń dàrú nìyí: wọ́n á rí i pé ife ọ̀tún ń gba omi jù, wọ́n á dojú kọ síkúrù ọ̀tún, wọ́n á wá ba ife òsì tó dára jẹ́. Bí méjèèjì bá ń gba omi jù bákan náà, kí a gbé síkúrù méjèèjì sókè ní ìwọ̀n kan náà, díẹ̀díẹ̀, kí a sì tún lítà náà rọ. Òṣùwọ̀n tí kò bá ní síkúrù, nínú kọ̀ǹpútà la ti máa tún un ṣe: ìró kan kì í ṣe 0.2 mọ́, 0.209 ni.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dáwọ́ dúró níbí. Ìró 159 ti pé, ọkàn ti balẹ̀. Síbẹ̀, òjò jẹ́jẹ́ nìkan ni a ṣì dán wò.

Ẹ tú kẹ̀kẹ́ okùn náà sílẹ̀ títí omi yóò fi máa jáde ní mìlílítà 52 ní ìṣẹ́jú kan. Òjò mìlímítà 100 ní wákàtí nìyẹn, irú èyí tó ń ya lulẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan nígbà tí òjò Èkó bá le. Lítà kan á tán ní ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Òṣùwọ̀n kan náà, omi kan náà, síkúrù tí a kò fọwọ́ kàn mọ́. Ṣùgbọ́n ìró 151 la máa kà. Níbo ni mẹ́jọ lọ?

Ẹ wo ife náà dáadáa nígbà tó bá ń yí. Kì í yí ní ìṣẹ́jú-àáyá òdo. Láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ títí di ìgbà tí ògiri tó wà láàárín ife méjèèjì fi kọjá lábẹ́ ihò àrọ, ká ní ó gba ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Ní gbogbo àkókò yẹn, omi ṣì ń bọ́ sínú ife tó ti kún, ife náà sì ń gbé e dà nù láìkà á. Nínú òjò jẹ́jẹ́, ohun tó ń bọ́ láàárín ìgbà yẹn kò tó nǹkan. Nínú òjò mìlímítà 100, omi ń wọlé ní mìlílítà 0.87 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohun tó ń ṣòfò níbi ìyípo kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 0.35. Ife tí a ṣètò sí 6.28 ti wá ń gba 6.63, lítà kan pín sí ọ̀nà 6.63 sì jẹ́ 151. Bí òjò bá le tó 200, ìró á lọ sílẹ̀ sí 143. Síkúrù kò lè wo èyí sàn. Bí a bá yí síkúrù kí òjò líle lè pé, òjò wínníwínní á di èyí tí a ń kà jù.

Àjọ tó ń rí sí ìmọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé, tó wà ní Geneva, kó oríṣiríṣi òṣùwọ̀n jọ ní ọdún 2004 sí 2005 sí àwọn ilé ìdánwò mẹ́ta, ní Italy, France àti Netherlands, wọ́n sì rí i pé àwọn onífe méjì tí a kò bá ṣe àtúnṣe sí ìṣirò wọn ń kà dín bí òjò bá ṣe ń le sí i. Àwọn tí àtúnṣe wà nínú ẹ̀rọ wọn ṣe dáadáa. A lè ṣe irú àtúnṣe náà fúnra wa. Ohun kan ṣoṣo tó gbà ni pé kí kọ̀ǹpútà kọ àkókò ìró kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó má kàn ka iye ìró wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí `t` bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá láàárín ìró méjì, òjò tí ìró kejì dúró fún nìyí:

```
d = 0.2 * t / (t - 0.4)
```

Nínú òjò 100, ìró kan máa ń tẹ̀lé òmíràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 7.6. Ẹ fi 7.6 sípò `t`: 7.6 pín sí ọ̀nà 7.2, lọ́nà 0.2, ó jẹ́ 0.211. Lọ́nà 151, ó jẹ́ mìlímítà 31.9, bẹ́ẹ̀ lítà kan lórí ẹnu àrọ wa jẹ́ 31.8. Nínú òjò jẹ́jẹ́, `t` á gùn débi pé 0.4 kò ní já mọ́ nǹkan, ìró náà á dúró sí 0.2. Iye 0.4 yìí kì í ṣe ti gbogbo òṣùwọ̀n. Ìdánwò òjò líle ló máa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: ẹ pín lítà sí iye ìró tí ẹ kà, ẹ yọ iye tí a ṣètò ife sí kúrò, ìyẹn 6.28 nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ pín ohun tó kù sí iye mìlílítà tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju kí a kàn fi nǹkan kan lé gbogbo òjò lọ, torí ó fún òjò kọ̀ọ̀kan ní ohun tó tọ́ sí i.

Iye tó ń sọnù náà tóbi. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2011, òjò tó rọ̀ sí Èkó ju mìlímítà 200 lọ láàárín ọjọ́ kan. Bí òṣùwọ̀n kan bá ka irú òjò bẹ́ẹ̀ ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dín, mìlímítà mẹ́wàá ti sọnù nínú àkọsílẹ̀. Lórí àgbàlá tó fẹ̀ ní mítà 15, tó sì gùn ní mítà 30, ìyẹn jẹ́ omi lítà 4,500.

Ìdánwò lítà kì í sọ gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún. Eruku ọyẹ́, ewé máńgòrò, èérí aláǹgbá àti ilé aláǹtakùn máa ń dí ihò àrọ. Àmì rẹ̀ hàn nínú àkọsílẹ̀: òjò ti dá, oòrùn ti yọ, ìró ṣì ń dún lẹ́yìn wákàtí méjì, tí àlàfo àárín wọn sì dọ́gba. Òjò tòótọ́ kì í dọ́gba bẹ́ẹ̀. Omi tó kóra jọ sínú àrọ ló ń yọ́ jáde. Bí èèrà bá kọ́lé sábẹ́ ife, ìró á kúkú dákẹ́ pátápátá nínú òjò tí gbogbo àdúgbò rí.

Òjò fúnra rẹ̀ náà lè ṣe ìdánwò yìí fún wa. Omi tí àwọn ife bá dà nù máa ń jáde nísàlẹ̀ òṣùwọ̀n. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún tí ẹ ti wọ̀n síbẹ̀, ẹ fi rọ́bà so ẹnu rẹ̀ mọ́ ibi tí omi ń gbà jáde kí òjò ìta má bàa wọ̀ ọ́ àti kí oòrùn má bàa fà á. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ tún un wọ̀n. Ká ní omi inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1,640. Pín in sí ọ̀nà 31.4, òjò mìlímítà 52.2 nìyẹn. Bí kọ̀ǹpútà bá ka ìró 248, tí a kàn sọ ọ́ di ìlọ́po 0.2, 49.6 ló máa fún wa. Bí a bá lo àtúnṣe àkókò, ó yẹ kó sún mọ́ 52. Bí ó bá ṣì jìnnà sí i, tí kẹ́ẹ̀gì sì pọ̀ jù, omi ń ta gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá láìwọ inú rẹ̀. Bí kẹ́ẹ̀gì bá kéré jù, ẹ wá ibi tó ń jò.

Omi tí atẹ́gùn gbé kọjá lórí àrọ láìwọlé, kẹ́ẹ̀gì kò mọ̀ ọ́n, lítà omi kò sì mọ̀ ọ́n. Ìyẹn wà lọ́wọ́ ibi tí a gbé òṣùwọ̀n sí: ó kéré tán, kó jìnnà sí ògiri tàbí igi ní ìlọ́po méjì gíga ògiri tàbí igi náà, èyí tó ṣòro gan-an nínú àgbàlá tí fẹ́ǹsì yí ká. Iṣẹ́ síkúrù àti omi ni a lè ṣe láìṣí ìdíwọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún: ní oṣù Kẹta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àti ní oṣù Kẹjọ nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ kí ti oṣù Kẹsàn-án tó dé.